Ìlà Gbọọrọ Tó Ní Ọkọ̀ Ti Dúró Kó Tó Gbéra

Nínú ìwé ìlànà ojú pópó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ fún àwọn awakọ̀, tábìlì kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ti kọ́ sórí kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹni tó ti wa dáńfó l'Ékòó fún ọdún mẹ́wàá pàápàá kò yọ sílẹ̀. Bó bá dé ọ̀hún, yóò jókòó ti tábìlì náà bí ọmọ iléèwé. Ohun tí tábìlì ń sọ ni iye mítà tí ọkọ̀ yóò rìn kó tó dúró pátápátá, láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti rí ewu níwájú. Bí ọkọ̀ bá ń sáré máìlì 20 ní wákàtí kan, mítà 12 ni. Bó bá jẹ́ máìlì 30, mítà 23 ni. Máìlì 40 gba mítà 36, 50 gba 53, 60 gba 73, 70 sì gba 96.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìṣirò ọrọ̀-ajé mú iye mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, ó tọ́ àmì wọn sórí bébà gíráàfù, ó sì fẹ́ fa ìlà kan tí yóò sún mọ́ gbogbo wọn jù lọ. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní rigirẹ́ṣọ̀n. Ìlà gbọọrọ ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé òfin rẹ̀ kò le: bí eré bá fi máìlì kan lé, ìdúró yóò fi iye mítà kan pàtó lé, yálà ọkọ̀ ń rọra lọ tàbí ó ń fò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, ìlà tí yóò rí nìyí:

```
ìdúró = -26.6 + 1.677*eré
```

Ó tún wo iye tí wọ́n ń pè ní R-sikuéà, tó ń sọ bí ìlà ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn iye náà tó. Ó rí 0.98. Ìdá 98 nínú 100! Ta ni kò ní yọ̀? Yóò pa ìwé rẹ̀ dé, yóò ní iṣẹ́ ti parí.

Kó tó pa á dé, ó yẹ kó bi ìlà rẹ̀ ní ìbéèrè kan péré: bí ọkọ̀ bá ń lọ ní máìlì 10, ní ibi tí ọmọdé pàápàá lè sáré tẹ̀ lé e, mítà mélòó ni yóò fi dúró? Ìlà náà yóò dáhùn pé mítà 9.9 sí ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé awakọ̀ rí ewúrẹ́ lọ́nà, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì ti dúró sí ẹ̀yìn ibi tó wà nígbà tó rí ewúrẹ́ náà, pẹ̀lú ààyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá. Kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé.

Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwọn iye tó lò náà kò ní àbùkù. Ìrísí ìbátan tó wà láàárín eré àti ìdúró ló ṣì mú: ohun tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ló fi igi gbọọrọ wọ̀n. Àṣìyàn ìrísí ni a ó máa pè é níbí, ó sì wà lára àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn tó ń fi rigirẹ́ṣọ̀n wá ìdí ọ̀rọ̀, yálà wọ́n ń wádìí owó ilé, owó oṣù tàbí ìkórè. Ohun tó jẹ́ kó léwu ni pé kì í dùn ẹni tó ń ṣe é. R-sikuéà máa ń ga, ìwé máa ń mọ́ tónítóní, àwọn iye tí wọ́n sì gbé jáde gẹ́gẹ́ bí àbájáde ti wọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ojú lásán lè fi rí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà yọ ohun tí ìlà sọ kúrò nínú ohun tó wà nínú tábìlì, kó sì wo àṣẹ́kù. Ní máìlì 20, àṣẹ́kù jẹ́ 5.1 sókè. Ní 30, ó di 0.7 nísàlẹ̀, ní 40, 4.4 nísàlẹ̀, ní 50, 4.2 nísàlẹ̀, ní 60, 1.0 nísàlẹ̀, ní 70, ó tún fò sókè sí 5.2. Ìlà rẹlẹ̀ jù ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì ga jù láàárín. Bí ìrísí bá tọ̀nà, ńṣe ni àṣẹ́kù máa ń fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ, ọ̀kan sókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, láìní ètò. Ìgbà tí àṣẹ́kù bá tò lẹ́sẹẹsẹ bí etí igbá, ìlà ti fi nǹkan sílẹ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, nítorí ìwé ìlànà náà fúnra rẹ̀ pín ìdúró sí apá méjì. Apá kìíní ni ìrìn tí ọkọ̀ rìn nígbà tí awakọ̀ ṣì ń ronú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé orí bíréèkì. Ní máìlì 30, mítà 9 ni. Ní 60, ó di 18. Eré di ìlọ́po méjì, òun náà di ìlọ́po méjì. Èyí gbọọrọ. Apá kejì ni ìrìn tí ọkọ̀ rìn lẹ́yìn tí bíréèkì ti di táyà mú. Ní máìlì 30, mítà 14 ni. Ní 60, kò dúró sí 28, mítà 55 ló gbà, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Agbára tó wà nínú ohun tó ń sáré máa ń bá sikuéà eré rẹ̀ lọ ni, ìyẹn eré tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀: sikuéà 30 jẹ́ 900, sikuéà 60 jẹ́ 3,600. Bíréèkì ní láti gba gbogbo agbára yẹn tán kí ọkọ̀ tó dúró. Ìlà tí kò ní sikuéà nínú kò lè sọ ìtàn yìí bó ti wù kí wọ́n tún un fà tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ìwé ìlànà tó ti tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ohun tó ń fa ìyàtọ̀ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́wàá, kò sí bébà gíráàfù tó lè gbà wọ́n, ojú lásán kò sì ní rí ètò kankan nínú àṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni James Ramsey ti wúlò. Lọ́dún 1969, onímọ̀ ìṣirò ọrọ̀-ajé yìí gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ ńlá àwọn onímọ̀ ìṣirò-àkójọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ti gbé rigirẹ́ṣọ̀n kalẹ̀ lódìlódì. Ọ̀kan nínú àyẹ̀wò tó wà níbẹ̀ ni ayé wá mọ̀ sí RESET, ìkékúrú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí àyẹ̀wò àṣìṣe nínú ìgbékalẹ̀ rigirẹ́ṣọ̀n. Títí dòní, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àṣẹ kan tó ń ṣe é.

Ọgbọ́n rẹ̀ dà bí ti adájọ́ tó pe ẹlẹ́rìí padà. Bí ẹlẹ́rìí bá ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pípè é padà kò ní mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá jáde, a jẹ́ pé ó ti fi nǹkan pamọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí Ramsey ń pè padà ni ìsọtẹ́lẹ̀ ìlà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ fa ìlà rẹ̀ bó ti fẹ́. Yóò mú iye tí ìlà sọ fún ọkọ̀ tàbí ilé kọ̀ọ̀kan, yóò fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó di sikuéà, bó bá sì fẹ́, lẹ́ẹ̀kan sí i kó di kíúbù. Yóò wá da àwọn iye tuntun wọ̀nyí mọ́ àwọn ohun tó ti wà nínú rigirẹ́ṣọ̀n tẹ́lẹ̀, yóò sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ tán, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà mọ́ ọn kò ní já mọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá jámọ́ nǹkan, ìtẹ̀ kan wà tí ìlà gbọọrọ kò rí.

A lè fi tábìlì awakọ̀ ṣe é. Àròpọ̀ sikuéà àwọn àṣẹ́kù ìlà gbọọrọ jẹ́ 92.42. Bí wọ́n bá da sikuéà ìsọtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn tí wọ́n sì tún ìṣirò ṣe, àròpọ̀ yẹn já wálẹ̀ sí 0.23. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n dà mọ́ ọn ló kó 92.19 lọ. Iye mẹ́fà ni wọ́n ní látìbẹ̀rẹ̀, ìlà tuntun sì ti lo mẹ́ta láti fi dúró, ó ku mẹ́ta, 0.23 tí wọ́n pín sí mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 0.076. Ohun tí iye F ń béèrè ni ìlọ́po mélòó 0.076 ló wà nínú 92.19. Ìdáhùn rẹ̀ ń lọ bí 1,210. Ààlà tí wọ́n gbà pé ó tó láti dá ìlà lẹ́bi, bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò kò bá fẹ́ kí iye ìgbà tó máa dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi ju 5 lọ nínú 100, jẹ́ 10.13 péré fún iye bí mẹ́fà báyìí. Iye wa kọjá rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn réré. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé òfin ni wọ́n fi ṣírò tábìlì yìí, wọn kò dúró sójú pópó wọn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ariwo tó lè bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Nínú ayé gidi, iye F kì í ké tó báyìí.

Ayé gidi yẹn ni Bọ́sítìnì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1990, wọ́n kó àkọsílẹ̀ ilé 88 tí wọ́n tà ní agbègbè ìlú náà jọ láti ojú ewé ìpolówó ilé nínú ìwé ìròyìn ìlú, Jeffrey Wooldridge sì fi wọ́n sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò káàkiri ayé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ṣàlàyé owó ilé kọ̀ọ̀kan: bí ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ti fẹ̀ tó, bí inú ilé fúnra rẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti iye yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Ìlà gbọọrọ sọ pé ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan tó bá lé nínú ilé ń fi nǹkan bíi dọ́là 123 kún owó rẹ̀, yàrá kan sì ń fi nǹkan bíi dọ́là 13,850 kún un. R-sikuéà rẹ̀ jẹ́ 0.672. Kò sí ẹni tí yóò rí iye wọ̀nyí tí yóò fura.

RESET fura. Sikuéà àti kíúbù ìsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n dà mọ́ ọn mú iye F tó jẹ́ 4.67 wá. Iye p tó bá a rìn jẹ́ 0.012. Bí ìlà gbọọrọ yẹn bá tọ̀nà lóòótọ́, díẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 100 ni èèyàn yóò fi rí ohun tó tó báyìí látàrí orí ire lásán. Wọ́n dá ìlà náà lẹ́bi.

Níbí ni ìwúlò ọgbọ́n Ramsey ti hàn gan-an. Ká ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà fẹ́ da sikuéà gbogbo ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, kó tún sọ wọ́n di púpọ̀ láàárín ara wọn, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé orí kíúbù, ohun mẹ́rìndínlógún ni yóò dà lé orí mẹ́ta. Ilé 88 kò lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ kó máà gbọ̀n. Ìsọtẹ́lẹ̀ ìlà ti kó gbogbo wọn sínú ara rẹ̀, nítorí náà sikuéà rẹ̀ nìkan ti di àpò tí ìtẹ̀ oríṣiríṣi ń fara hàn nínú rẹ̀. Ohun méjì ló ṣe iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Àǹfààní yìí gan-an ló bí àléébù rẹ̀. Àpò náà sọ pé nǹkan kan wà nínú òun, kò sọ nǹkan náà. Ṣé ìbú ilẹ̀ ni ipa rẹ̀ ń dín kù bó ti ń tóbi sí i ni? Ṣé yàrá karùn-ún kò níye lórí tó yàrá kejì ni? RESET kò mọ̀. Ẹni tó bá rò pé ó yẹ kí òun fi sikuéà ìsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú rigirẹ́ṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn ti ṣi ohun èlò ìyẹ̀wò mú fún oògùn. Kò sí ìtumọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni lè fún irú iye bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilé.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ilé Bọ́sítìnì ni pé wọ́n fi lọ́gì rọ́pò owó, ìbú ilẹ̀ àti ìbú ilé. Lọ́gì máa ń yí ìbéèrè padà: dípò kó béèrè pé dọ́là mélòó ni ẹsẹ̀ bàtà kan fi kún un, ó ń béèrè pé bí ilé bá fi ìdá 1 nínú 100 fẹ̀ sí i, ìdá mélòó ni owó rẹ̀ yóò fi gbéra. Ó jáde pé nǹkan bí ìdá 0.7 ni. Ẹni tó bá mọ ọjà ilé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń ronú, nítorí pé ìdí kan náà kì í fi iye owó kan náà lé ilé olówó pọ́ọ́kú àti ilé ọlọ́lá. Lẹ́yìn àyípadà yìí, wọ́n tún pe RESET. Iye F já sí 2.56, iye p sì gòkè sí 0.084. Lórí òṣùwọ̀n 5 nínú 100, wọ́n dá a sílẹ̀. Ká sòótọ́, ìdásílẹ̀ tí kò le ni: lórí òṣùwọ̀n 10 nínú 100, wọn ì bá tún dá òun náà lẹ́bi. Síbẹ̀, nínú méjèèjì, òun ló sàn jù.

Ibì kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. R-sikuéà ti onílọ́gì jẹ́ 0.643, ó sì kéré sí 0.672 tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ pé ìlà àkọ́kọ́ ló dára jù ti fi òṣùwọ̀n gàrí wọn aṣọ. Ọ̀kan ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ nínú owó, èkejì ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ nínú lọ́gì owó. Ìdá tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti ohun kan náà.

Lọ́gì kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Kò sí lọ́gì òdo, kò sì sí ti iye tó wà nísàlẹ̀ òdo. Lọ́gì kò sì lè ṣàpèjúwe ohun tó ń gòkè tó sì wá ń sọ̀ kalẹ̀. Fún irú ìyẹn, sikuéà ni wọ́n máa ń dà mọ́ ọn, kì í ṣe ti ìsọtẹ́lẹ̀, ti ohun náà gan-an ni.

Nínú tábìlì awakọ̀, bí wọ́n bá da sikuéà eré mọ́ ìlà gbọọrọ, ohun tó jáde nìyí:

```
ìdúró = 0.6 + 0.263*eré + 0.0157*eré^2
```

Ìsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò fi ìdajì mítà jìnnà sí iye kankan nínú tábìlì. Ní máìlì 10, ó sọ pé ọkọ̀ yóò rìn mítà 4.8 kó tó dúró, ọ̀rọ̀ tí etí gbà. Ohun tó wuyì jù nínú rẹ̀ ni pé ó tú àṣírí apá méjì tí ìwé ìlànà sọ. Mítà 6 ni ìwé fún awakọ̀ láti ronú ní máìlì 20, ìyẹn 0.3 fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rí 0.263. Mítà 55 ni ìwé fún bíréèkì ní máìlì 60, ìyẹn 0.0153 fún sikuéà máìlì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rí 0.0157. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdúró pín sí méjì, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ka sí apá kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́.

Ẹni tó bá fi sikuéà sí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí bó ṣe ń ka àbájáde padà. Kò tún lè sọ pé máìlì kan ń fi mítà báyìí kún un, nítorí iye yẹn ti ń yí pẹ̀lú eré. Ọ̀nà láti rí i ni kó mú iye tó wà níwájú sikuéà, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó fi eré sọ ọ́ di púpọ̀, kó sì fi iye tó wà níwájú eré kún un. Ní máìlì 20, máìlì kan tó bá lé ń fi nǹkan bíi 0.9 mítà kún ìdúró. Ní 70, ó ti di nǹkan bíi mítà 2.5. Ìlà gbọọrọ tó ní 1.677 níbi gbogbo ti bu ẹ̀bù lé ẹni tó ń rọra lọ, ó sì ti dín ewu ẹni tó ń sáré kù.

Bí iye tó wà níwájú sikuéà bá wà nísàlẹ̀ òdo, ìlà yóò gòkè, yóò sì tẹ̀ wálẹ̀. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni owó iṣẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ 526 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, tí Wooldridge náà lò, owó wákàtí kan bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 3.73, ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́ ń fi 0.298 kún un, sikuéà ọdún náà sì ń yọ 0.0061 kúrò. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó nǹkan bíi ọgbọ̀n sẹ́ǹtì, ọdún tó tẹ̀ lé ìkẹwàá kò ju sẹ́ǹtì 18 lọ. Bí wọ́n bá pín 0.298 sí ìlọ́po méjì 0.0061, wọn yóò rí ibi tí ìlà ti yí orí padà: ọdún 24.4. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà ní owó ń wálẹ̀. Ó yẹ kí ara ẹni tó ń ka èyí béèrè ìdí, nítorí pé nǹkan bíi 28 nínú òṣìṣẹ́ 100 tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà ló ti ju ọdún 24 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ìgbà náà kò kàwé tó àwọn ọ̀dọ́, tí ìwé tí wọn kò kà sì wá ń fara hàn bí ẹni pé ọjọ́ orí ló ń jẹ owó wọn. Sikuéà kò lè yanjú ìyẹn; àfi kí wọ́n da ọdún ìwé kíkà mọ́ ìṣirò náà.

Èyí sì kan RESET pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń pè é ní àyẹ̀wò fún ohun tí wọ́n gbàgbé, èrò yìí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ká ní ẹnì kan ń wọn ìdúró ọkọ̀ lójú pópó, ó sì gbàgbé láti kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ sílẹ̀. Ojú ọ̀nà tó tutù lè sọ ìdúró di ìlọ́po méjì. Ká tún ní àwọn awakọ̀ máa ń dín eré kù lọ́jọ́ òjò, tí ìdínkù náà sì ń lọ ní gbọọrọ pẹ̀lú bí òjò ti pọ̀ tó. Iye tí rigirẹ́ṣọ̀n yóò gbé jáde fún eré yóò wọ́, ṣùgbọ́n kò ní fi ìtẹ̀ kankan sílẹ̀ fún RESET láti rí. Ìtẹ̀ nìkan ló ń wá. Ohun tó sá pamọ́ láìtẹ̀ yóò kọjá lábẹ́ imú rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ RESET pàápàá ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní R, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àkọsílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ cars. Wọ́n wọn ìdúró ọkọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ọdún 1920 sí 1929, Mordecai Ezekiel sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1930. Eré wọn kò ju máìlì 4 sí 25 ní wákàtí kan. Àṣẹ méjì yìí ló ń ṣe àyẹ̀wò náà:

```
library(lmtest)
resettest(dist ~ speed, power = 2, data = cars)
```

Iye p tó jáde jẹ́ 0.136. Ìyẹn ni pé RESET kò rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ìlà gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀, òfin ìṣẹ̀dá tó mú táyà lọ́dún 1920 náà ló mú un lónìí, sikuéà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ariwo pọ̀ ju iye lọ. Ọkọ̀ mẹ́rin tó ń lọ ní máìlì 24 dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 70, 92, 93 àti 120. Ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tó ń sá eré kan náà ti tó láti bo ìtẹ̀ mọ́lẹ̀. Eré wọn kò sì lọ jìnnà tó láti fi ìtẹ̀ hàn. Ẹni tó bá gba ìdákẹ́jẹ́ yìí bí ìdásílẹ̀, tó fi ìlà gbọọrọ sọ tẹ́lẹ̀ fún máìlì 60, yóò ní ẹsẹ̀ bàtà 218. Èyí tó ní sikuéà yóò ní 417. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọkàn tán ọ̀kankan nínú méjèèjì pátápátá ní ibi tó jìnnà sí 25 tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn lójú pópó mọ èyí tó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà á.

Ìlà yẹn kò ṣàì fi ara rẹ̀ hàn ní ibòmíràn. Ní máìlì 4, eré tó kéré jù nínú àkọsílẹ̀ náà, ọkọ̀ méjì ni wọ́n wọ̀n: ọ̀kan dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 2, èkejì ní 10. Ìlà tí RESET dá sílẹ̀ sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 1.8 sẹ́yìn.